Ẹ̀rín Mẹ́ta ní Aago Mẹ́wàá Kọjá Ìṣẹ́jú Mẹ́fà

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni onídìrí tó wà lẹ́yìn ọjà Ìkàrẹ́ gbà lọ́wọ́ mi láti di irun mi. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kọ́kọ́ pè. Mo ní kí ó yẹ orí mi wò dáadáa, pé ìdajì irun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ láti ọdún tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, kí ló fẹ́ dì gan-an? Gbogbo àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ohun tí mo fún un. Ọjọ́ Sátidé ni, ojú ọjọ́ dára, inú mi sì dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé irun yìí, a ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Ẹja yìnyín ni mò ń tà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kò sì sí oníbàárà tó tíì bèèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi kó tó ra kọ́tẹ̀. Yàrá yìnyín mi wà ní Ìkàrẹ́ níbí. Mo tún ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọ̀kà, obìnrin ará Ọ̀kà kan ló ń bá mi tà á. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà lọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, owó oṣù tí mò ń fún un ni wọ́n fi ń jẹ tí wọ́n fi ń lọ sílé ìwé. Èdè Ọ̀kà ló ń sọ nílé, Yorùbá ló ń bá mi sọ, tó bá sì dórí fóònù, pijin tó gé lórí gé nídìí ló ń kọ.

Nítorí fóònù náà ni mo ṣe ń kọ èyí. A ní gúrúùpù kan tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni mẹ́rin ló wà níbẹ̀: èmi, obìnrin Ọ̀kà yìí, bàbá àgbàlagbà tó ń wa mọ́tò ẹja fún mi, àti ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ta fírísà tuntun ti Ọ̀kà fún mi. Ilé iṣẹ́ náà ló fi ẹnjiníà yẹn sínú gúrúùpù, wọ́n ní kí a máa fi ọ̀rọ̀ fírísà tó o létí níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé kan tó sọ pé bí fírísà bá dákú láàárín ọdún kan, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì san owó ọjà tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, bí a bá ti sọ fún wọn kó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń kọ ọ̀rọ̀ pé. Obìnrin Ọ̀kà ní àmì tirẹ̀. Ní òròòwúrọ̀, bí ẹja bá le bí òkúta, á fi yìnyín mẹ́ta ránṣẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, á fi ẹ̀kán omi kan. Bí ó bá rọ̀ gan-an, á fi ẹ̀kán omi méjì. Bàbá dírẹ́bà kò mọ̀ ju ọwọ́ méjì tó pàdé bí ẹni ń gbàdúrà lọ. Ó fi ń kíni, ó fi ń tọrọ owó epo, ó fi ń sọ pé táyà jò. Ẹnjiníà, lẹ́tà kan ṣoṣo ni tirẹ̀, «k». Èmi ńkọ́? Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ni tèmi. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ni mo fi ń dá lóhùn. Ẹ kú àárọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Iná ti lọ, mo rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní òrùlé ti ṣí, bóyá màá fi mẹ́ta ránṣẹ́.

Òfin kan ló wà tí èmi kì í fi ṣeré: ẹja kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní Ọ̀kà láìjẹ́ pé mo fọhùn sí i. Ẹnìkan tó bá mi tajà tẹ́lẹ̀ ti kó páálí mi lọ «fi pamọ́» rí, títí di òní ni wọ́n ṣì ń fi pamọ́. Nítorí náà mo ti kìlọ̀ fún obìnrin yìí pé, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó, ó gbọ́dọ̀ bi mí kó tó gbé páálí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé irun dídì yẹn, ẹnjiníà wá sí Ọ̀kà, ó ṣí fírísà, ó sì ní kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, ti kú. Páálí mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà ni páálí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí òórùn ti wá pàdé mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí obìnrin náà lójú gbogbo àdúgbò. Mo ní, «Ìwọ jókòó ti ẹja títí ó fi di ajílẹ̀! Lọ sílé. Ìwọ lo máa san án, bó gba ọdún mẹ́wàá.»

Ó kàn ní, «Màmá, mo sọ fún yín.»

Mo ní, «O sọ fún ta ni?»

Ó bọ́ épírọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí káńtà, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo pe ilé iṣẹ́ fírísà ní Àkúrẹ́. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tí kò gbóòórùn ẹja rí. Ó ní kí n fi gbogbo ohun tí a bá ara wa sọ nínú gúrúùpù láti ọjọ́ Fúráídè dé ọjọ́ Mọ́ńdè ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Ó pè mí padà kó tó pé wákàtí kan.

«Mà, a ò lè ka èyí. Kí ni ‹frz nt blok›? Kí ni ẹ̀kán omi? Ta ló ń gbàdúrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ ní èdè ibi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó pé, láìsí ojú, láìsí ọwọ́. Ẹ fi àkókò àti ẹni tó sọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ kọ ti àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.»

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń tẹ ìwé ní ìdojúkọ gáréèjì. Akọ̀wé ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, tíṣà ni gbogbo ọjà ń pè é. Bó bá ń wò ọ́ lókè awò rẹ̀, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣẹ̀ ní ìwé kẹta. Ó ní kí n ṣí gúrúùpù náà, kí n tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síta láìsí fọ́tò, kí n sì fi í sí ìméèlì òun. Ọ̀rọ̀ náà jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọọrọ, ọjọ́, wákàtí, orúkọ, lẹ́yìn náà ìsọkúsọ wa.

Ó kà á díẹ̀, ó bọ́ awò. «Ìyá Ẹlẹ́ja, iṣẹ́ ni ẹ ń ṣe níbí àbí ẹ ń ṣeré ọmọdé?»

«Tíṣà, èrè ń wọlé.»

«Mo rí i. Ó wọlé títí ó fi rà.»

Mo ní kí ó kàn sọ fún kọ̀ǹpútà kó yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti gbọ́ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun á fi hàn mí. Ó ní kí kọ̀ǹpútà yí gbogbo «2» padà sí «to», nítorí pé obìnrin Ọ̀kà máa ń kọ «2 ikare» nígbà tó bá fẹ́ sọ pé «sí Ìkàrẹ́». Ẹ̀rọ náà yí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí obìnrin náà ti kọ pé páálí 2 kù nínú mọ́tò, ó ti di pé páálí «sí» kù nínú mọ́tò. Aago méjìlá pàápàá ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

«Ṣé ẹ rí i?» Tíṣà tẹ nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. «Ìlà kọ̀ọ̀kan la ó máa mú. Mi ò ní fọwọ́ kan àkókò, mi ò ní fọwọ́ kan iye, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ ni yóò sọ ohun tó fi ń sọ.»

A bẹ̀rẹ̀. «gm» rọrùn, ẹ kú àárọ̀ ni. «tnx» náà rọrùn, ẹ ṣé ni; Tíṣà sì ní àwòrán tí a kàn fi kí ara wa, a lè fò ó. Nígbà tó kan ọwọ́ àdúrà, a pe bàbá dírẹ́bà.

Mo ní, «Bàbá, ní Fúráídè mo bi yín bóyá ẹ ti dé Ọ̀kà, ẹ fi ọwọ́ méjì dá mi lóhùn. Kí lẹ fi ń sọ?»

«Mo ń gbàdúrà pé kí n dé.»

«Níbo lẹ wà nígbà náà?»

«Mo wà nílé mi.»

Tíṣà kọ ọ́ pé: *Dírẹ́bà kò tíì gbéra.* Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì rẹ̀ mú. Ó ní kí n fi tábìlì sílẹ̀, pé mo tún lè rí ìdí láti sunkún kó tó parí.

A dé òwúrọ̀ Sátidé. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, obìnrin Ọ̀kà kọ ọ́ pé, «gm ma. frz nt blok 2day. lite dey», ìyẹn ni pé fírísà kò mú ẹja le lónìí, bẹ́ẹ̀ iná wà, ó sì fi ẹ̀kán omi kan sí i. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹnjiníà kọ «k».

Mo fò sókè. «Ó ti bọ́ sí i! Tíṣà, ẹ kọ ọ́ pé ẹnjiníà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.»

«Lẹ́tà kan ló gbé gbogbo ìrìn àjò yẹn?»

«Ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn.»

«Ẹ pè é.» A pe ẹnjiníà. Ó ní òun kàn ń sọ pé òun ti rí i ni, òun ò sọ ọjọ́ tí òun máa wá. Tíṣà kọ ọ́: *Ẹnjiníà fèsì pé òun ti rí ìròyìn náà.* «Ó tó yín,» ni ó wí fún mi. «Ilé iṣẹ́ wọn ti gbọ́ kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí lẹ tún fẹ́?»

Lóòótọ́, ó tó mi. Mo ti ń ka owó mi padà nínú ọkàn mi, gbogbo rẹ̀ pátá. Tíṣà sì sún ìka sí ìlà tó tẹ̀ lé e.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Obìnrin Ọ̀kà: «ma pls mk I cary 8 ctn cm ikare b4 e spoil?» Ẹ̀kán omi méjì.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Èmi: ojú mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Èmi: *fọ́tò kò sí níbí.* Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ «c my hair».

«Ìyá Ẹlẹ́ja,» Tíṣà ní, «fọ́tò kí ni?»

Mo ní, «Irun mi ni.»

«Irun orí yín?»

«Ẹ ẹ̀ rí irun míràn lára mi.»

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Ó bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí òun kó páálí mẹ́jọ wá sí Ìkàrẹ́ kó tó bàjẹ́. Kí lẹ dá a lóhùn?»

Mo rántí. Mo jókòó níwájú onídìrí, orí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù wà lórí itan mi, obìnrin kan ń sọ bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé ẹ̀wù ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú òkùnkùn. Fóònù dún, mo wo ojú rẹ̀ bí ẹni wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ, mo tẹ ẹ̀rín mẹ́ta, mo padà sínú ìtàn. Ìtàn náà dùn. Mi ò ní purọ́.

Mo ní, «Tíṣà, ẹ yọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé àwọn àwòrán tí kò sọ nǹkan, a lè fò wọ́n.»

«Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa èyí tí ẹ fi ń kí ara yín. Èyí wà lẹ́yìn ìbéèrè. Bí mo bá fò ó, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò rí ìbéèrè náà ló máa dà.»

«Ẹ kọ ọ́ pé mo ní kó kó o wá, kó wá di pé òun ni kò kó o.»

Ó bọ́ awò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. «Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?»

Mo yí ojú mi sí gáréèjì. Ó ní, «Ẹ̀kán omi méjì yìí náà, mi ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹ pè é.»

Èmi mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un. Ó ní rárá, ẹni tó fi ránṣẹ́ ni. Kò kúkú fẹ́ gbọ́ tẹnu mi mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá tí mo ti lé obìnrin yẹn lọ, a ò tíì sọ̀rọ̀. Mo pè é. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ti ń dúró dè é láti ìgbà náà.

«Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.»

«Àbúrò, ẹ̀kán omi méjì, kí lo fi ń sọ?»

«Ó túmọ̀ sí pé ẹja ti rọ̀, àmọ́ kò tíì bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbé e sí yìnyín kíákíá, á ṣì dára.» Ó tún ní, «Mo tiẹ̀ ti to páálí sí ẹnu ọ̀nà, Màmá. Bàbá dírẹ́bà wà ní Àkùngbá, ó ní òun lè yà wá kó o. Mo ń dúró de ohùn yín. Nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ẹ ń fi mí ṣẹ̀sín pé mo ń bẹ̀rù lásán. Mo kó o padà sínú fírísà.»

Mo tún ojú mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín yẹn wò lórí kọ̀ǹpútà.

Ó ní, «Màmá, ṣé mo ṣì máa san owó ẹja náà? Kí n lè mọ̀. Wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ san owó ilé ìwé.»

Fóònù náà wà ní gbangba lórí tábìlì, Tíṣà sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wo ojú mi. Ó ń nu awò rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ẹni tí awò rẹ̀ bọ́ sínú epo.

Mo ní, «O ò ní san kọ́bọ̀. Lọ́la, lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.»

«Fírísà ò ṣiṣẹ́, Màmá.»

«Lọ ṣí i bẹ́ẹ̀. Ta yìnyín… ta afẹ́fẹ́. Ta ohun tó bá wù ọ́. Mo ń bọ̀ lọ́la.»

Mo pa fóònù. Mo sọ fún Tíṣà pé, «Ẹ kọ ọ́.»

«Kí n kọ kí ni?»

«Ohun tó wà níbẹ̀.»

Ó tẹ̀ ẹ́ ní òyìnbó, ó sì kà á fún mi ní Yorùbá kí n lè mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí. *Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún: Òṣìṣẹ́ ròyìn pé ẹja ti rọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́, ó sì bèèrè àṣẹ láti kó páálí mẹ́jọ lọ sí Ìkàrẹ́. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà: Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kò fúnni ní àṣẹ. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án: Ọ̀gá fi fọ́tò irun rẹ̀ ránṣẹ́.*

Ọlọ́run mi! Nígbà tó wà ní ojú àti omijé, ẹ̀rín lásán ni. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ tó wọ kóòtù tó wọ táì, èmi fúnra mi kì bá gba ọ̀gá yẹn síṣẹ́.

Mo bi Tíṣà pé ṣé irun náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ìlà tó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú èkejì. Ó wá fi kún un pé irun náà dára sí mi o. Àṣírí ẹni tú tán, wọ́n tún ń yin irun ẹni.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Ọ̀kà. Obìnrin náà ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi ọsẹ wẹ fírísà, ó so épírọ̀nù mọ́dìí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí eékún mi gbà, mo ní kó má bínú. Ó sáré gbé mi dìde kí àwọn ará àdúgbò má baà rí i. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n rí i, ojú wọn náà ni mo ti bú u. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́.

«Màmá, ẹ má fi ẹ̀rín yẹn sí gúrúùpù mọ́. Bí mo bá bi yín, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí ẹ kọ rárá.»

«Bí mi ò bá tíì mọ̀ ńkọ́?»

«Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò tíì mọ̀. Ṣé ó le ni?»

Ó le o. Títí di òní, ìka mi máa ń sáré lọ síbi ojú ẹlẹ́rìn-ín yẹn bí ewúrẹ́ tó rí ibi tí wọ́n sá ẹ̀gẹ́ sí. Ṣùgbọ́n mo ń kọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń kọ rárá. Ẹnjiníà náà ti ń kọ wákàtí tó máa dé. Bàbá dírẹ́bà nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àdúrà kò sí lára ohun tí wọ́n ń fi òfin dá dúró. A ti wá gbà pé bó bá ti fi ọwọ́ méjì ránṣẹ́, ilé rẹ̀ ló wà, kí a pè é.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, obìnrin ilé iṣẹ́ fírísà pè mí. Ó ní ìwé náà yé wọn kedere, àwọn kò tíì rí èyí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀ àwọn ló kú, a sì sọ ọ́ lákòókò. Ṣùgbọ́n mo ní yàrá yìnyín ní Ìkàrẹ́, òṣìṣẹ́ mi bi mí nígbà tí ẹja ṣì dára, mi ò dá a lóhùn. Ìdajì ni àwọn máa san. Mo ní kò burú. Ó kù díẹ̀ kó pa fóònù, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

«Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Irun náà ńkọ́? Gbogbo ọ́fíìsì ló ń bèèrè.»

Mo ní, «Mo ti tú u.»

Irú ìdìrí yẹn kì í kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lórí mi. Mo wá jókòó, mo ṣírò ohun tí òwúrọ̀ Sátidé kan gbà lọ́wọ́ mi: páálí mẹ́rin tí wọn ò san, pẹ̀lú owó onídìrí. Ó jẹ́ ₦283,500.